Ẹ Yẹ Ojú Ihò Péálì Wò

Bí ẹ bá tò ẹ̀gbà ọrùn péálì mẹ́ta sórí aṣọ funfun, ojú lásán lè ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ mú awò tó ń fẹ nǹkan lójú, kí ẹ fi wo ihò tí okùn gbà kọjá nínú ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ ó rí ọ̀dà tó gbá jọ tàbí tó ti ń ṣí létí ihò, àti dígí tàbí ike lábẹ́ rẹ̀. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ tí àwọn aránṣọ ń rán mọ́ léèsì wa. Ẹ fi eyín họ ọ́ díẹ̀: á máa yọ̀. Péálì gidi máa ń rin eyín bí iyanrìn kíkúnná.

Ìlẹ̀kẹ̀ kejì wá láti inú òkun Jàpáànù, wọ́n ń pè é ní akóyà. Ní 1893, Kókíṣì Mikimótò rí péálì tó jẹ́ ìlàjì róbótó nínú òísítà tó ń sìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Jàpáànù wá ọ̀nà róbótó odindi: wọ́n á ti ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ìkarahun odò Misisípì gbẹ́ sínú òísítà, pẹ̀lú ẹ̀já ẹran òísítà mìíràn. Ẹran yẹn ló ń da ìpele dídán bo ìlẹ̀kẹ̀ náà. Nínú akóyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 7, tí ìpele rẹ̀ nípọn tó 0.4, ìkarahun Amẹ́ríkà tó wà láàárín ṣì fẹ̀ tó 6.2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 0.4 dára. Olùsìn tí kò ní sùúrù á kó o kí ìpele tó nípọn. Ẹ yí irú rẹ̀ lábẹ́ iná: á máa mọ́lẹ̀, á máa ṣú, nítorí ìlà ìkarahun inú ń hàn síta. Nínú ihò, ẹ ó rí ìlà tó pín aṣọ òde sí ìlẹ̀kẹ̀ inú. Òógùn àti lọ́fínńdà kì í pẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti omi odò, láti agbègbè Jùjí ní Ṣáínà. Ọ̀sìn ni òun náà, àmọ́ ẹ̀já ẹran nìkan ni wọ́n sábà máa ń ti sínú rẹ̀, láìsí ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Ẹran omi kan lè so ọ̀pọ̀ péálì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpele dídán ni kọ̀ọ̀kan wọn láti òde dé àárín. Ìdí tí kò fi sábà wọ́n tó akóyà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìnípọn kọ́ ni dídán. Bí àwọn ìpele bá fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì tò déédéé, ìmọ́lẹ̀ á padà jáde geerege. Omi tútù sì ń mú wọn fẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó akóyà ní ìgbà òtútù. Ẹ wo òjìji gílóòbù lójú péálì: bí etí rẹ̀ bá mú, ó dán; bí ó bá rú bí ẹ̀kọ mímu, kò dán, ì báà nípọn dé inú. Fún wíwọ̀ ojoojúmọ́ nínú ooru wa, ti odò tó nípọn, tó sì dán díẹ̀, ni èmi yóò rà ṣáájú akóyà fẹ́lẹ́ tó ń kọ mànà.