Ṣé dandan ni kí a jẹ pùrótíìnì kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn irin gbígbé?

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé irin ní àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá, ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti di òfin. Wọ́n ní bí o bá ti gbé irin sílẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lo ní láti fi gbé pùrótíìnì mì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ làálàá rẹ ti di asán. Nítorí òfin yìí, ọ̀kan nínú wọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ti ń fo oúnjẹ ọ̀sán kí ó lè tọ́jú owó fún páúdà inú ike. Ó wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé owó mi ò ṣòfò báyìí?” Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ náà ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pọ̀.

Ibi tí mo mọ̀ jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Amúaradàgbà ni ọ̀pọ̀ ń pe pùrótíìnì ní Yorùbá. Orúkọ yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ń ṣi èèyàn lọ́nà díẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ìdàgbà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó iṣan palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tún un mọ. Irin gbígbé ló ń mú kí ìmọ náà yá sí i, pùrótíìnì inú oúnjẹ sì ni búlọ́ọ̀kù tí ara fi ń mọ ọ́n. Bíríkìlà mọ̀ pé bí búlọ́ọ̀kù ò bá sí nílẹ̀, iṣẹ́ dúró. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ìgbà wo ni àwọn òṣìṣẹ́ inú ara ń palẹ̀ mọ́ lọ ilé?

Kì í ṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé irin dáadáa, iṣan rẹ̀ á máa gba búlọ́ọ̀kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún odindi ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ní ọdún 2013, Brad Schoenfeld, Alan Aragon àti James Krieger kó àwọn ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Lójú kọ̀rọ̀, ó jọ pé àwọn tó tètè jẹun ló ń jèrè jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò iye pùrótíìnì tí oníkálukú ń jẹ lójúmọ́, èrè ìtètèjẹun náà pòórá. Àwọn tó tètè jẹun ló kúkú ń jẹ púpọ̀ jù. Iye tí à ń jẹ lójúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, aago kọ́.

Ibì kan wà tí aago ṣe pàtàkì, ìyẹn fún ẹni tí ebi wà nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá jẹ oúnjẹ alẹ́ ní aago méjọ, tí o sì jí ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí lọ sáré gun òkè láìjẹ nǹkan kan, búlọ́ọ̀kù ti tán nílẹ̀ kó o tó dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó má ṣe dúró di ọ̀sán, kó jẹun bó bá ti wẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ oúnjẹ gidi lọ́sàn-án kó tó lọ gbé irin ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ ọ̀sán yẹn ṣì ń dà nínú rẹ̀ bó ṣe ń làágùn. Bí oúnjẹ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e kò bá jìnnà síra ju wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lọ, ó ti tó.

Ṣé ẹ wá rí àṣìṣe ọmọ wa bíríkìlà? Oúnjẹ ọ̀sán tó ń fò gan-an ni ì bá gbà á lọ́wọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ń bà á lẹ́rù.

Èló ló tó lóòjọ́? Ní ọdún 2018, Robert Morton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ. Wọ́n rí i pé, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tó bá kọjá nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kan kì í fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún iṣan mọ́. Ẹni tó bá rí 1.2 jẹ náà ò ṣe búburú. Kílò 70 ni ọmọ yìí, nítorí náà láàárín gíráàmù 84 sí 112 ló yẹ kó wà. Kó pín in sí ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ogún gíráàmù.

Ẹ jẹ́ ká wá a nínú ìkòkò tiwa. Gíráàmù 100 ẹ̀wà tí a kò tíì sè ní pùrótíìnì bí 23. Tó bá fi ìwọ̀n ẹ̀wà yẹn ṣe mọ́ín-mọ́ín tàbí àkàrà tó fi mu ògì láàárọ̀, ó ti ní bí 25. Lọ́sàn-án, a ò lè ní kí ọmọ Èkìtì má jẹ iyán. Ṣùgbọ́n iyán ló ń tan èèyàn jẹ jù, torí ó ń yóni, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 400 iṣu kò ní ju pùrótíìnì mẹ́fà lọ. Ọbẹ̀ ni kó bójú tó: ẹ̀gúsí gíráàmù 30 á mú mẹ́jọ wá, ẹja títù tó tó gíráàmù 70 á mú bíi 15 wá. Gbogbo rẹ̀ di 29. Ó gbé irin ní aago márùn-ún, ó dé ilé, ó wẹ̀, ó jẹ àdàlú ní aago méje: ẹ̀wà gíráàmù 100, àgbàdo gbígbẹ 60, ẹyin sísè kan. Ìyẹn ń lọ sí 34. Kó fi ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan kún un nígbà kan láàárín ọjọ́, ó di 95. Ẹ pín in pẹ̀lú 70, ẹ ó rí i pé ó ju 1.3 lọ. Páúdà kankan ò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe adùn nìkan ni mo fi yan àdàlú. Èròjà kan tí iṣan nílò, lisíìnì, pọ̀ nínú ẹ̀wà, ó sì kéré nínú àgbàdo; mẹtionáìnì kéré nínú ẹ̀wà, àgbàdo sì ní in. Wọ́n ń bo àṣírí ara wọn. Kò pọn dandan kí wọ́n wà nínú àwo kan náà, bí wọ́n bá ti pàdé lóòjọ́ kan náà, ó ti parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́ ẹyin tútù sínú mọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sè é. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní 1998 fi hàn pé nǹkan bí ìdajì pùrótíìnì ẹyin tútù ni ara rí gbà, nígbà tí ti sísè tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹni tó mu ẹyin méjì ní tútù ti da ọ̀kan nù.

Ọ̀nà láti mọ ohun tó wọ́n lọ́jà kò le. Ẹ pín iye owó rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù pùrótíìnì inú rẹ̀, ẹ má wo bí ike ṣe tóbi tó. Ẹ ṣe é fún ẹ̀wà, sóyà, ẹyin, ẹja àti páúdà ní ọjọ́ kan náà. Bí owó ọjà bá ń yí padà, ìṣirò náà ò yí.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iṣan wa ti ya ọ̀lẹ díẹ̀; ohun tó ń jí ti ọ̀dọ́ ò tó jí tiwa. Nǹkan bíi gíráàmù 28 lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó jẹ́ kílò 70 ló yẹ wá, nítorí náà kí àwọn ọmọ má ṣe máa gbé ògì lásán ka iwájú ìyá àgbà láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tí dókítà ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fi pùrótíìnì kún oúnjẹ rẹ̀ láìkọ́kọ́ bi dókítà náà.

Mo ti sọ fún ọmọ wa pé kó dá oúnjẹ ọ̀sán padà ná, kó wo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí irin tó ń gbé bá ń wúwo sí i tí kílò rẹ̀ ò sì dínkù, oúnjẹ náà tó. Bí ó bá rù, kó bu ẹ̀wà kún un.