Fóònù Tó Sọnù àti Owó Tó Wà ní Báǹkì: Èwo La Ó Kọ́kọ́ Tì?

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń bá fóònù lọ nígbà tó bá sọnù. Èkíní ni síìmù, tí nọ́ńbà yín wà lórí rẹ̀. Èkejì ni àṣẹ tí báǹkì ti fún fóònù yẹn láti máa fi owó yín ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ kó pamọ́ sínú rẹ̀: ìmeèlì, ọ̀rọ̀ Wásáàpù, àwòrán, bóyá àwòrán káàdì ATM tí ẹ yà ránṣẹ́ sí ọmọ yín níjọ́sí. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló ń ti síìmù pa. Báǹkì ló lè gba àṣẹ tirẹ̀ padà. Google tàbí Apple ló ń nu ohun inú fóònù nù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á nu fóònù nù láti òkèèrè, wọ́n á wá rò pé báǹkì náà ti gbọ́.

Bí báǹkì ṣe ń dá fóònù yín mọ̀

Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù báǹkì sórí fóònù, ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ó béèrè ohun tó wà lára káàdì ATM, ó sì fi OTP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín. Lẹ́yìn èyí, áàpù náà fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan pamọ́ sínú fóònù, báǹkì sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ pé fóònù yìí jẹ́ ti àkáǹtì báyìí-báyìí. Láti ọjọ́ náà lọ, páásíwọ́ọ̀dù tàbí ìka ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Ìdí nìyí tí yíyí páásíwọ́ọ̀dù padà kò fi tó. Olè kò ní lè lo páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fóònù náà ṣì wà lákọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fóònù yín. Bí síìmù yín bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè tẹ ibi tí wọ́n kọ “Forgot password” sí, kí OTP sì wọlé sí i lọ́wọ́. Bákan náà ni yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù: ohun tó wà lójú fóònù ló lọ, orúkọ fóònù ṣì wà lọ́dọ̀ báǹkì.

Síìmù gan-an léwu ju fóònù lọ. Olè kò nílò láti mọ PIN tí ẹ fi ti fóònù. Yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ inú fóònù kékeré, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà. Bó bá tẹ *565*0#, nẹ́tíwọ̀kì yóò yọ náírà 20, nọ́ńbà BVN yín oníye 11 yóò sì jáde síwájú rẹ̀. Àwọn kóòdù báǹkì oníràwọ̀ kò fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin ló sábà máa ń ṣọ́ wọn, àwọn míì sì wà tí wọ́n fi ọdún ìbí ṣe PIN yẹn.

Fóònù tó sọnù ní alẹ́ Sátidé

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n’Íbàdàn. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú máíkírà ní Ìwó Road ní agogo méje alẹ́ Sátidé, ó nawọ́ sínú báàgì, fóònù ti lọ. Báǹkì ti tì títí di Mọ́ńdè. Ó yá fóònù aládùúgbò, ó pe nọ́ńbà ara rẹ̀.

Ìpè yẹn ló máa sọ ohun tó kàn. Bí fóònù bá ń dún, ó túmọ̀ sí pé ó ṣì wà ní títàn, ó sì ṣeé ṣe kí dátà wà lórí rẹ̀. Nígbà náà, báǹkì ni kó kọ́kọ́ tì, lẹ́yìn náà kí ó nu fóònù nù, kí ó tó wá ti síìmù pa. Ìdí ni pé bí ẹ bá kọ́kọ́ ti síìmù pa, dátà fóònù náà kú pẹ̀lú rẹ̀, àṣẹ pé kó nu ara rẹ̀ nù kò sì ní rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa fóònù, olè lè ti yọ síìmù: lẹ́yìn báǹkì, síìmù ló kàn kíákíá, nínu fóònù nù lè dúró. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé kí á ti síìmù pa ṣáájú ohun gbogbo. Lójú tèmi, báǹkì ló yẹ kó ṣáájú nínú ọ̀ràn méjèèjì, nítorí kóòdù rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ.

Àwọn báǹkì Nàìjíríà ní kóòdù tí a lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹnikẹ́ni láti ti àkáǹtì ẹni pa. Ti GTBank ni *737*51*74#, ti Zenith ni *966*911#. Ẹ̀rọ yóò béèrè nọ́ńbà fóònù tàbí àkáǹtì yín, àti PIN. Láti ìgbà náà, owó kò ní lè jáde. Obìnrin wa ní àkáǹtì ní báǹkì méjì àti ní ilé-iṣẹ́ owó orí fóònù kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní láti ṣe é. Èyí tí a fi ń gba owó ọjà lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni àkáǹtì kékeré tó ní ẹ̀yáwó lórí, tí olè lè fi yá owó lórúkọ wọn.

Títi àkáǹtì pa kò tíì yọ fóònù kúrò. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Bí obìnrin náà bá lọ sí báǹkì ní Mọ́ńdè, tí wọ́n ṣí àkáǹtì rẹ̀ padà, fóònù tó sọnù tún jí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó sọ fún òṣìṣẹ́ báǹkì ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fóònù tó wà lórí àkáǹtì mi kúrò kí ẹ tó ṣí i,” kí ó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà tí a ó fi pe báǹkì wà lẹ́yìn káàdì ATM. Ẹ má wá a lórí Fesibúùkù, nítorí àwọn oníjìbìtì ti kọ́ láti ṣe ojú ìwé tó jọ ti báǹkì, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù.

Ó wá ku fóònù fúnra rẹ̀. Androidi ni, nítorí náà ó ṣí android.com/find lórí fóònù aládùúgbò rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí ni Find Hub. Títí di ọdún 2025, Find My Device ló ń jẹ́. Níbí ni ìdíwọ́ tó burú jù máa ń wà. Google lè sọ pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni, kí ó sì fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sórí fóònù tó sọnù gan-an. Ohun tó ń yọni níbẹ̀ ni kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tí Google máa ń fúnni sílẹ̀, oníye mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tí kò ní i lè gbìyànjú android.com/lock, tí nọ́ńbà fóònù nìkan ń béèrè, tó sì ń ti ojú fóònù pa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti tan “Remote Lock” sílẹ̀ kí fóònù tó sọnù.

Bó bá ti wọlé, “Mark as lost” ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, kí fóònù lè tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò wá nu ohun inú rẹ̀ nù. Bí wọ́n bá ti nu Androidi nù, máàpù kò ní fi ibi tó wà hàn mọ́, ohun tó sì ń mú àwọn kan lọ́ra nìyẹn: wọ́n fẹ́ máa wo àmì yẹn bó ṣe ń rìn lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó lé olè tẹ̀lé máàpù lóru. Bí wọ́n bá ti pa fóònù, àṣẹ náà yóò dúró títí fóònù yóò fi padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Káàdì ìrántí kékeré tí a ki bọ fóònù lè má nù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà àwòrán tó wà níbẹ̀ ti di ti ẹni tó mú un.

Bó bá jẹ́ iPhone ni, iCloud.com/find ni a ó lọ, kò sì béèrè kóòdù kejì. “Erase This iPhone” ni kí ẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ kúrò lára àkáǹtì Apple yín lẹ́yìn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó rà á kò lè lò ó. Ìdí nìyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi máa ń dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé wọ́n ti rí fóònù yín, kí ẹ tẹ ìlà kan kí ẹ sì kọ páásíwọ́ọ̀dù. Olè ló kọ ọ́.

Bí fóònù bá ń dún, síìmù ló gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà 300 ni a fi ń pe gbogbo ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà láti ọdún 2023; ẹ wá ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín, kí ẹ fi fóònù rẹ̀ pè. Ní Mọ́ńdè, NIN ni yóò mú lọ gba síìmù tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé fóònù náà ti kúrò lóòótọ́? Nígbà tó bá ṣí áàpù sórí fóònù tuntun, kí ó wá ibi tí wọ́n to àwọn fóònù sí nínú ètò áàpù, èyí tó sábà máa ń jẹ́ “Manage devices”. Orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá rí méjì, iṣẹ́ kò tíì parí.

Fóònù àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tà

Èyí rọrùn, nítorí fóònù ṣì wà lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí áàpù báǹkì sórí fóònù tuntun kí ó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń lé fóònù àtijọ́ jáde fúnra wọn bí tuntun bá ti wọlé, àwọn míì sì ń gba fóònù méjì láàyè. Ẹ dán an wò: ẹ ṣí áàpù lórí fóònù àtijọ́. Bó bá ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò. Bó bá kàn béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ó ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ lọ yọ ọ́ nínú “Manage devices”.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkáǹtì Google tàbí Apple kúrò kí ẹ tó nu fóònù nù nínú ètò rẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rí ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á ní Computer Village, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ má fún un. Ẹni tó ta iPhone láìṣe èyí lè ṣí iCloud.com/find, kí ó nu ún nù láti ibẹ̀, kí ó sì yọ ọ́ kúrò lára àkáǹtì rẹ̀. Onítọ̀hún yóò lè lò ó láìgbọ́ àṣírí kankan.

Ẹ kọ kóòdù ìdádúró báǹkì yín, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, àti nọ́ńbà oníye 15 tó ń jáde bí ẹ bá tẹ *#06# sórí fóònù yín, sí ẹ̀yìn àlámànàkì ilé yín. PIN àti kóòdù ìpamọ́ Google ni kí ẹ má ṣe kọ síbẹ̀. Ẹ fi wọ́n sínú àpótí tí ẹ ń tì.