Bí Ẹ Ṣe Lè Bọ́ Èépá Omi Kúrò Nínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Láìsí Ewu

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la kọ ìwé yìí fún. Abẹ́ ilẹ̀ agbègbè yẹn kún fún òkúta funfun tó rí bí ẹfun. Bí omi òjò bá ń gba inú òkúta náà kọjá, ó máa ń yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Omi náà kò léwu fún mímu, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, bó bá sì gbóná, ohun tó yọ́ mọ́ra á padà di èépá funfun. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín, ẹ ó rí i.

Èépá yìí kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ irin tó ń mú omi gbóná lábẹ́ àgbá ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bó bá ti nípọn, ooru irin kì í tètè dé ara omi mọ́: iṣẹ́ ẹ̀rọ á máa pẹ́, irin náà sì lè jó. Ooru ló ń bí i, nítorí náà ẹni tó ń fọṣọ ní ìwọ̀n ooru 30 nígbà gbogbo kì í ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òórùn lẹ̀ ń gbọ́ lára ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó ti bu ló fà á, kì í ṣe èépá.

Ásíìdì ló ń yọ́ èépá. Méjì tó wà nítòsí ni fínígà àti ásíìdì sítíríìkì, ìyẹ̀fun funfun tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Sítíríìkì la fara mọ́. Àbọ̀ lítà fínígà funfun oníwọ̀n 5 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ju gíráàmù 25 ásíìdì nínú lọ, kò sì lè yọ́ ju nǹkan bí gíráàmù 20 èépá. Gíráàmù 100 sítíríìkì lè yọ́ tó gíráàmù 70. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ bá ń da fínígà sínú ẹ̀rọ lemọ́lemọ́, ó lè ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Bí fínígà nìkan lẹ bá ní, ẹ lo àbọ̀ lítà náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo èyí tó lágbára ju ti oúnjẹ lọ.

Ká sọ pé ìdílé kan ní Pẹ́kámù ti ń fọ aṣọ ibùsùn ní ìwọ̀n ooru 60 fún ọdún kan láìbọ́ èépá rárá. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, torí àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ kì í fẹ́ fínígà. Kí wọ́n kó gbogbo aṣọ jáde, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí wọ́n sì da gíráàmù 100 ìyẹ̀fun náà sínú àgbá gan-an. Kí wọ́n má fi ọṣẹ kankan sí i, nítorí ọṣẹ ìfọṣọ máa ń pa agbára ásíìdì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yan ìfọ̀ aṣọ òwú ní ìwọ̀n ooru 60. Kí wọ́n má ṣe lọ sí 90: nínú omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, sítíríìkì àti èépá lè para pọ̀ di ohun funfun mìíràn tí kì í fẹ́ yọ́.

Bí ẹ̀rọ bá parí, kí wọ́n tún fi omi lásán ṣan án lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kí wọ́n sì ṣí asẹ́ ìsàlẹ̀ nígbà tí omi ti tutù. Èépá tó ṣí kúrò sábà máa ń kó síbẹ̀, ó sì lè dí ọ̀nà omi. Bí èépá bá ṣẹ́kù, kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Kí wọ́n má sọ ìyẹ̀fun di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó.

Èyí tó lè pa èèyàn ni bílíìṣì. Bí bílíìṣì bá pàdé fínígà tàbí sítíríìkì, gáàsì kílórínì á jáde, ó sì ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ti fi bílíìṣì fọ aṣọ tàbí ẹ̀rọ, ẹ fi omi lásán ṣan ẹ̀rọ náà ní odindi ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó fi ásíìdì sí i. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn tó ń ta ní imú, ẹ pa ẹ̀rọ bí ó bá rọrùn, ẹ jáde sí afẹ́fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè mí dáadáa, ẹ pe 999. Bí ìyẹ̀fun tàbí omi rẹ̀ bá ta sí ojú, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì pe 111 fún ìmọ̀ràn.

Ìyẹ̀fun sítíríìkì jọ ṣúgà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bù ú sínú agolo oúnjẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá tó bá wá, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o.