Ìkookò Ni àbí Ajáko? Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Òru

Ní ọgbà ẹranko Niokolo-Koba, lápá gúúsù ìlà-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà, inú igbó kan náà ni ìkookò, ajáko àti ajá igbó jọ ń gbé. Àwọn tó ń ka iye ẹranko níbẹ̀ máa ń so kámẹ́rà mọ́ ara igi lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹranko ń gbà. Bí ohun ẹlẹ́mìí tí ara rẹ̀ gbóná bá ti kọjá, kámẹ́rà á ya àwòrán fúnra rẹ̀. Lóru, iná tí ojú ènìyàn kò lè rí ló ń lò, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń jáde ní dúdú àti funfun. Gbogbo àwọ̀ tí à bá fi dá ẹranko mọ̀ lọ́sàn-án ti wọmi.

Àmì ara ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí, òun gan-an ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Lóòótọ́, àmì dúdú kéékèèké wà lára ìkookò ibẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń dàgbà ni wọ́n ń ṣá. Dúdú ni ọmọ ìkookò tuntun, kò ní àmì kankan. Bí ẹranko bá sì sún mọ́ kámẹ́rà jù, iná yẹn á sọ gbogbo ara rẹ̀ di funfun. Ajá igbó náà ní àbàwọ́n lára, ńláńlá tí kò bára mu, etí tirẹ̀ náà sì rí roboto bíi ti ìkookò. Etí ṣonṣo, ti ajáko ni.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ iwájú ìkookò gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ọrùn rẹ̀ ki, èjìká rẹ̀ sì ga, nítorí náà ńṣe ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ láti èjìká lọ sí ìbàdí. Ẹ̀yìn ajá igbó àti ti ajáko tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ilẹ̀ lè purọ́ níbí. Ajá igbó tó ń gun òkè á dà bíi pé èjìká rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, kámẹ́rà tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo igi tó wà lẹ́yìn ẹranko náà bóyá ó dúró ṣánṣán, kí ẹ tó gba ohun tí ẹ̀yìn sọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìrù. Ti ìkookò kúrú, irun orí rẹ̀ sì dúdú. Ti ajá igbó sábà máa ń funfun lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ajáko tó ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Bí orí ìrù bá funfun yòò, ìkookò kọ́ nìyẹn.

Ní ti títóbi, ojú lásán kò tó. Ẹ padà síbi kámẹ́rà náà láìyí i padà, kí ẹnì kan di ọ̀pá tí wọ́n ti sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá mú síbi tí ẹranko náà tẹ̀ gan-an, kí kámẹ́rà sì ya á. Ẹ gbé àwòrán méjèèjì síra wọn. Èjìká ajáko kì í sábà kọjá sẹ̀ǹtímítà 50. Ti ajá igbó wà láàárín 60 sí 75, ti ìkookò láàárín 70 sí 90. Ẹ rí i pé àwọn méjì tó ga pàdé ara wọn: ọ̀pá lè yọ ajáko kúrò, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ ìkookò àti ajá igbó.

Ká ní àwòrán kan wọlé ní aago méjì òru. Orí ẹranko náà ti jáde kúrò nínú àwòrán, ara rẹ̀ funfun, kò sí àmì kankan. Ẹnì kan ní ajáko ni, torí pé kò rí àmì. Ọ̀pá fi hàn pé ìbàdí rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 65, nítorí náà ajáko bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrù kúrú, orí rẹ̀ dúdú. Ẹ̀yìn ń gòkè lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tẹ́jú, igi ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ìkookò ni. Aago kò sí lára ẹ̀rí yìí, nítorí ajá igbó tó ń fi ọ̀sán ṣọdẹ náà máa ń rìn nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀.

Ajá igbó ti di ọ̀wọ́n gan-an ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìfura kọ sílẹ̀. Bí ìrù àti ẹ̀yìn kò bá hàn nínú àwòrán kankan, ẹ kọ ọ́ pé kò dájú. Ẹ má gé etí àwòrán náà, ẹ má sì tún un kùn. Bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ibi tí wọ́n ti yà á, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ọgbà.