Fídíò ìwáṣẹ́: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ láàárín ìṣẹ́jú kan

Àwọn iléeṣẹ́ kan wà báyìí tó jẹ́ pé kí wọ́n tó pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ fi fídíò ránṣẹ́, kó fi sọ irú ẹni tóun jẹ́. Tí wọn ò bá sọ bó ṣe máa gùn tó, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan ń gbé n'Íkòròdú, ó sì ń wá iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́: Ta ni ẹ́? Kí lo ti ṣe rí tó jọ iṣẹ́ yìí? Ṣé wàá lè máa tètè débi iṣẹ́? Ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó wà nínú fídíò rẹ̀, ní èdè tí wọ́n fi kọ ìkéde iṣẹ́ náà.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń wá. Nǹkan bíi ogójì tó tẹ̀ lé e, kó sọ ohun kan ṣoṣo tó ti ṣe: "Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mò ń kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń ka èyí tó kù nílẹ̀, màá sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé." Èyí lágbára ju "olóòótọ́ ni mí, mo sì máa ń ṣiṣẹ́ kára" lọ, torí kò sẹ́ni tí ò lè sọ ìyẹn.

Ẹ̀yìn náà ló kan ọ̀nà Ìtóìkín tó jìn. Kó má fi í sílẹ̀ fún wọn láti máa rò: "Mo ní ẹ̀gbọ́n l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tí màá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀." Tí kì í bá ṣe òótọ́, kó má sọ ọ́ o. Kó wá sọ ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì dúpẹ́.

Kó má ka ìwé. Ojú tó ń sá sọ́tùn-ún sósì máa ń tú àṣírí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré ni kó kọ, kó lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà.

Kó gbé fóònù dùbúlẹ̀ sórí ìwé tó tò jọ títí kámẹ́rà á fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba, kí àwòrán bẹ̀rẹ̀ láti àyà, kí àyè díẹ̀ sì kù lókè orí. Kó kọjú sí fèrèsé. Tó bá kẹ̀yìn sí i, ojú rẹ̀ á dúdú. Kó ṣe é láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Kó kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó sì fi íápíìsì gbọ́ ọ. Tí ariwo bá ń bo ọ̀rọ̀, kó yí ibi tó wà padà.

Tó bá jẹ́ Google Drive ló fẹ́ fi ránṣẹ́, kó yàn "Anyone with the link", kó sì fi fóònù ẹlòmíì ṣí i wò. Tí kò bá ṣí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má ṣí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà.