Láti Orí Àwo Dé Ojú Kọ̀ǹpútà: Ìdàkọ àti Àtòpọ̀ Géèmù Plẹ́ésíteṣọ̀n Àkọ́kọ́

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè mú géèmù Plẹ́ésíteṣọ̀n àkọ́kọ́, tó jáde ní Jàpáàn ní 1994, ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ́múlétọ̀ ni a ó lò, ìyẹn ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ géèmù. Orí àwo sídíì ni géèmù wọ̀nyí wà, nítorí náà kọ̀ǹpútà tó ní ihò àwo lè kà wọ́n. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ àléébù tí a máa ń dì ru ẹ́múlétọ̀, ibi ìdàkọ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Àwo tó yẹ ká dà kọ

Ẹni tó bá ra àwo ní ọjà Ìlú Bìní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni. Ìdí ojúlówó àwo Plẹ́ésíteṣọ̀n àkọ́kọ́ dúdú. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí àwo òfìfo dúdú wà tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú. Ẹ wo bí ìtẹ̀wé ojú rẹ̀ ṣe mọ́ tó.

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà fàyè gba ìlò tó bójú mu fún ara ẹni, ó sì ka jíjá ìdènà tí oníṣẹ́ fi dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ léèwọ̀. Nítorí náà, inú àwo tiwa ni kí a ti dà á kọ, ọwọ́ wa ni kí ẹ̀dà náà sì wà. Kò yẹ ká pín in fún akẹ́kọ̀ọ́. Fún kíláàsì, ẹ lo géèmù tí ẹni tó ṣe é ti yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn.

Ìdàkọ

A máa ń rí àwọn tó ń da àwo yìí kọ sí fáìlì `.iso`. Kò tó. Sídíì pín sí ìpín kéékèèké, 75 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 2,352, ṣùgbọ́n 2,048 péré ni `.iso` ń mú. Ẹ jẹ́ ká mú àwo tó gba 60 ìṣẹ́jú: ìpín 270,000 ni. Bí a bá dà á kọ tán pátápátá, yóò jẹ́ báìtì 635,040,000. `.iso` yóò jẹ́ 552,960,000. Nínú ohun tó sọnù ni díẹ̀ lára fídíò àti ohùn géèmù wà, orin tó wà lórí àwo kò sì ní bá a wá rárá. Géèmù lè ṣí, kí fídíò rẹ̀ máa já tàbí kí orin dákẹ́.

Lórí Línọ́ọ̀sì, àṣẹ méjì tó ṣe iṣẹ́ náà nìyí:

```
cdrdao read-cd --read-raw --datafile geemu.bin --device /dev/sr0 --driver generic-mmc:0x20000 geemu.toc
toc2cue geemu.toc geemu.cue
```

Nọ́ńbà `0x20000` ló ń to báìtì orin bó ṣe yẹ. Bí a bá yọ ọ́, orin lè di ariwo bíi ti rédíò tí kò mú ibùdó. Ẹ da àwo náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi `sha1sum` wé fáìlì `.bin` méjèèjì. Bí èsì bá yàtọ̀, ẹ nu àwo náà láti àárín sí etí, kí ẹ tún un dà kọ.

Ẹ́múlétọ̀ àti bọ́tìnnì

Nínú RetroArch, ẹ yan PCSX ReARMed, kí ẹ sì ṣí `geemu.cue`. Ẹ má ṣe wá fáìlì BIOS lórí ayélujára, nítorí oníṣẹ́ ló ni òun náà. PCSX ReARMed ní àrọ́pò tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn géèmù kan kò gbà á.

Ẹ ki pádì bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ sí Settings > Input > Port 1 Controls. Orúkọ tó wà níbẹ̀ lè rú ojú: B ni bọ́tìnnì Ẹ̀ẹ́sì, A ni Róbótó, Y ni onígunmẹ́rin, X sì ni onígunmẹ́ta. Bí géèmù bá ṣí tí bọ́tìnnì ìtọ́sọ́nà kò dáhùn, ẹ lọ sí Quick Menu > Controls, kí ẹ yí Device Type padà sí `standard`. Àwọn géèmù tó ṣáájú pádì onígi ti 1997 kò mọ gi ìtọ́sọ́nà rárá.

Àwòrán

Ọ̀pọ̀ géèmù yìí ní ìlà 240 péré, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni wọ́n sì ṣe é fún. Tẹlifíṣọ̀n náà máa ń da àmì tótòtó inú àwòrán pọ̀ di àwọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà òde òní ń fi wọ́n hàn gbangba. Ṣédà `zfast-crt`, tó wà ní Quick Menu > Shaders, ń dá ìrísí náà padà láìni kọ̀ǹpútà lára. Bí ohùn bá ń já lẹ́yìn tí a tan ṣédà mìíràn, ó ti wúwo jù fún ẹ̀rọ náà.

Bí ìlà dúdú bá nípọn níbì kan, tó sì tín-ín-rín níbòmíràn, ìṣirò ni kò bára mu. Lórí ojú kọ̀ǹpútà ìlà 768, pín 768 sí 240: yóò fún wa ní 3.2. Ẹ tan Integer Scale ní Settings > Video > Scaling. Yóò lo ìlọ́po 3, ìyẹn ìlà 720, ìlà 24 yóò sì ṣófo lókè àti nísàlẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Bí géèmù bá ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti orí fáìlì: ṣé ìwọ̀n `.bin` ṣeé pín sí 2,352 láìṣẹ́ kù? Bí kò bá ṣeé pín, kò sí àtòpọ̀ kankan nínú ẹ́múlétọ̀ tó lè dá ohun tó sọnù padà.