Wúrà Kan, Owó Méjì

Ẹni tó bá ń wo iye owó wúrà lórí fóònù rẹ̀ á rí i pé owó méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà lábẹ́ XAU/USD, èkejì wà lábẹ́ GC. Wúrà kan náà ni, ìwọ̀n áúnsì kan náà ni, síbẹ̀ owó wọn kì í sábà dọ́gba. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti GC ló máa ń ga ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ tó rí èyí máa ń gbà pé àwọn tó mọ ọjà dáadáa ti rí i pé wúrà yóò wọ́n sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sáré lọ rà á. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Owó èlé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá sì ti ju ohun tí èlé lè dá lọ, nǹkan kan ti dí ọ̀nà tí wúrà ń gbà rìn nìyẹn.

XAU/USD ni owó ojú ẹsẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n ń ta wúrà tí ẹni tó rà á yóò gbà báyìí. Lọ́ńdọ̀nù ni ojúkò ọjà yìí. Bí wọ́n bá ti dúnàádúrà tán, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni owó àti wúrà yóò pààrọ̀ ọwọ́. GC ní tirẹ̀ ni owó àdéhùn ọjọ́ iwájú, ọjà COMEX ní Niú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ti ń ná an. Níbẹ̀, olùtà àti olùrà á fẹnu kò sí iye owó lónìí, ṣùgbọ́n oṣù kan tó ṣì wà níwájú ni wúrà yóò dé. Áúnsì 100 ni àdéhùn kan, ó tó kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò ló máa ń jáde nínú àdéhùn kí oṣù náà tó pé, àmọ́ ẹni tó bá dúró dè é lè ní kí wọ́n kó wúrà òun fún òun. Ẹ̀tọ́ yìí ni okùn tó so owó méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan wò. Ká ní áúnsì kan jẹ́ 2,000 dọ́là lójú ẹsẹ̀, tí èlé owó sì jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dún. Oníṣòwò kan yá 200,000 dọ́là, ó fi ra áúnsì 100, ó sì fi pamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Èlé rẹ̀ yóò jẹ́ 5,000 dọ́là. Ká fi 200 dọ́là kún un fún owó ìpamọ́ àti owó adójútòfò. Gbogbo ohun tí wúrà náà ná an jẹ́ 205,200 dọ́là, ìyẹn 2,052 dọ́là fún áúnsì kan. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí owó àdéhùn oṣù mẹ́fà wà.

Bí owó àdéhùn bá wá ga tó 2,080 ńkọ́? Oníṣòwò yìí á ra wúrà lójú ẹsẹ̀, lọ́jọ́ kan náà á sì tà á sórí àdéhùn. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, á kó wúrà sílẹ̀, á gba 208,000, á san gbogbo gbèsè, 2,800 dọ́là yóò sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, yálà wúrà wọ́n tàbí ó wálẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ìdáwọ́lé kankan nínú irú èrè bẹ́ẹ̀, ojú gbogbo oníṣòwò ló wà lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rà níhìn-ín ni owó ojú ẹsẹ̀ ń gòkè, bí wọ́n ṣe ń tà lọ́hùn-ún ni owó àdéhùn ń sọ̀ kalẹ̀, títí àlàfo á fi padà sí iye èlé. Bí ọjọ́ àdéhùn sì ṣe ń sún mọ́lé ni àlàfo ń kéré sí i, nítorí pé oṣù tí èlé máa gorí ń dín kù. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, nǹkan bí 26 dọ́là ni yóò kù. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé, owó méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan.

Ohun tí ìṣirò yìí gbára lé ni pé ẹni tó ra wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí i kó dé Niú Yọ́ọ̀kì. Ìyẹn gan-an ló bàjẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2020.

Búlọ́ọ̀kù wúrà tí wọ́n ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù tóbi: áúnsì bí 400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní kílò méjìlá. COMEX kì í gba èyí fún àdéhùn GC. Búlọ́ọ̀kù áúnsì 100 kan, tàbí oníkílò kan mẹ́ta, ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, wúrà tó bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Niú Yọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ilé iṣẹ́ tí yóò yọ́ ọ, tí yóò sì tún un dà sí kéékèèké. Siwítísálándì ni èyí tó tóbi jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà wà, mẹ́ta nínú wọn sì wà ní ẹkùn Tìsínò, lẹ́bàá ààlà Ítálì. Nígbà tí àrùn Kòrónà gbòde, ìjọba ẹkùn náà ní kí wọ́n tì wọ́n pa. Lákòókò kan náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú akérò, tí wúrà máa ń bá rìn, ò fò mọ́. Ńṣe ló dà bí ọjà méjì tí afárá àárín wọn já: ọjà pọ̀ lọ́hùn-ún, àmọ́ kò wúlò fún ẹni tó wà níhìn-ín.

Àwọn oníṣòwò tó ní wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì ti ta àdéhùn ní Niú Yọ́ọ̀kì, ló kọ́kọ́ kó sí wàhálà. Ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ò ní rí búlọ́ọ̀kù tó yẹ kó sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdéhùn wọn padà ní iyekíye, ìràpadà náà ló sì ti owó àdéhùn lọ sókè. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, àlàfo ju 70 dọ́là lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti já èlé wálẹ̀ sí 0.25 nínú 100, ó pọ̀ jù, ní ọjọ́ 15. Wúrà wà ní nǹkan bí 1,600 dọ́là. Èlé oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀ jẹ́:

```
1600 × 0.0025 × 3/12 = 1
```

Dọ́là kan péré! Ká tiẹ̀ sọ pé báńkì ń gba ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, kò ní ju dọ́là márùn-ún lọ. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ owó afárá tó já. Lọ́jọ́ 24 yẹn kan náà ni àwọn aláṣẹ COMEX kéde àdéhùn tuntun tí yóò gba búlọ́ọ̀kù áúnsì 400. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, àwọn ilé iṣẹ́ Tìsínò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, wúrà ń wọ Niú Yọ́ọ̀kì, àlàfo sì ń rọlẹ̀.

Ìjọba náà lè dí ọ̀nà yìí, kódà kó tó ṣe òfin kankan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìbẹ̀rù pé Amẹ́ríkà yóò gba owó ibodè lórí wúrà mú kí owó Niú Yọ́ọ̀kì fi ti Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Wọ́n ń kó wúrà kọjá òkun débi pé ẹni tó fẹ́ gba tirẹ̀ jáde nínú àjà ilẹ̀ Báńkì Àpapọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti tò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ìròyìn jáde pé lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà sọ pé owó ibodè kan búlọ́ọ̀kù oníkílò kan àti ti áúnsì 100, àwọn tí COMEX ń gbà gan-an. Àlàfo fò kọjá 100 dọ́là. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ààrẹ Donald Trump ní wọn ò ní gbowó ibodè lórí wúrà, àlàfo sì wálẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àlàfo, ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí àdéhùn náà wà fún, kí ẹ sì rí i pé wákàtí kan náà ni wọ́n gba owó méjèèjì sílẹ̀, torí pé owó ìpalẹ̀ ọjà àná kò ṣeé fi wé owó òwúrọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èlé ṣírò oṣù tó kù. Bí èlé bá gbé àlàfo náà, ọjà wà ní àlàáfíà, kò sì sọ fún yín pé wúrà máa wọ́n. Bó bá jù ú lọ fíìfíì, ẹ wádìí ibi tí ọ̀nà ti dí, kí ẹ má sì fi owó àdéhùn yẹn díye lé wúrà ọwọ́ yín, nítorí pé lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, ìwọ̀nba tí ìdíwọ́ fi kún un ni yóò kọ́kọ́ lọ.